Ọ̀rọ̀ Tó Ń Lọ́ Ahọ́n Pọ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Tú Ẹnu Ká Tó Sọ̀rọ̀, àti Ibi Tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Ti Ń Ṣiṣẹ́ Lẹ́nu

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ alága ìdúró àti alága ìjókòó lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú, àwọn tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń ṣe olóòtú ètò lọ́jọ́ ìnáwó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ọ̀rọ̀ wo ni kí n máa sọ kí ahọ́n mi lè tú kí n tó gba máìkì?" Èsì mi ni pé kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń tú gbogbo ẹnu. Ètè ní tirẹ̀, iwájú ahọ́n ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ahọ́n náà ní tirẹ̀. Ẹ mọ ibi tó ń kọsẹ̀ lẹ́nu yín ná, kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ.

Ọ̀dọ̀ "gb" àti "p" ni mo máa pẹ́ sí jù. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ àṣìṣe jù lọ, ibẹ̀ sì ni ìdárayá tí wọ́n ṣe fún elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í ti í bá tiwa mu.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Dígí kékeré tí ẹ lè fi wo ètè yín
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀
- Tíṣù kan, ẹ fà á ya kó rí tẹ́ẹ́rẹ́
- Omi tí kò tutù
- Nǹkan bí ìṣẹ́jú 12

Ọ̀rọ̀ omi yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Omi tí a mu kì í kan tán-án-ná tó ń gbé ohùn jáde, ojú ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà lọ. Àyàfi kó dé inú ara kó tó ṣe ọ̀fun láǹfààní. Nítorí náà, ẹ mu ún ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú. Èyí tí ẹ bá mu nígbà tí wọ́n ti ń pe orúkọ yín, ẹnu nìkan ló ń bá yín rin, àmọ́ ìyẹn náà wúlò bí ẹnu bá gbẹ.

## Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń kọsẹ̀

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù, kí ẹ dà wọ́n rú bó bá ṣe wù yín, kí ẹ sì kà wọ́n bí ẹ ṣe máa ń yára sọ̀rọ̀ lóde ìnáwó:

gbà, bà, gbé, gé, gbọ́, bọ́, pọ̀, kọ̀, pè, kè, sá, ṣá, rà, là

Ẹ gbé fóònù náà fún ẹnìkan tí kò rí ìwé tí ẹ kà. Kó máa kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe é fúnra yín, nítorí etí ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ sọ kì í gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀.

Bí ó bá kọ "bà" síbi tí ẹ ti sọ "gbà", ẹ̀yìn ahọ́n yín ni kò dìde tó. Bí ó bá kọ "gé" síbi tí ẹ ti sọ "gbé", ètè yín ni kò pàdé dáadáa. Bí "sá" àti "ṣá" bá dàrú mọ́ ọn lójú, iwájú ahọ́n ni kẹ́ ẹ lọ wò. Àléébù kan ṣoṣo ni kí ẹ mú ní ọ̀sẹ̀ kan.

## Ìdárayá ìpìlẹ̀, ká tó dé orí ọ̀rọ̀

1. Àgbọ̀n. Ẹ fi ìka méjì-méjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, nísàlẹ̀ etí, kí ẹ wá deyín pọ̀. Iṣan tó le sókè yẹn ni kẹ́ ẹ fi ìka ra rọra, títí yóò fi rọ̀. Ìṣẹ́jú kan tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe fipá yà á. Bí àgbọ̀n bá le, ahọ́n kì í rí àyè lò.

2. Ètè. Ẹ pa ètè pọ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn kó máa gbọ̀n "bùrùrùrù", bí ọmọ tó ń fẹnu wa mọ́tò. Ẹ ṣe é nígbà 5. Bí ètè bá kọ̀ tí kò gbọ̀n, ẹ fi ìka méjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ síwájú díẹ̀. Ètè àti èémí ló ń kọ́ láti ṣiṣẹ́ pọ̀.

3. Ahọ́n. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi ṣóńṣó ahọ́n gbálẹ̀ yí ká àárín eyín àti ètè, nígbà 5 sápá ọ̀tún, nígbà 5 sápá òsì. Ó máa ń ro àwọn kan ní gbòǹgbò ahọ́n. Bí ó bá ti ń ro yín, ẹ sinmi.

4. Ba, da, ga. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́: ba-da-ga, ba-da-ga. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí i padà: ga-da-ba. "Ba" wà ní ètè, "da" wà ní ṣóńṣó ahọ́n lẹ́yìn eyín òkè, "ga" wà ní ẹ̀yìn ahọ́n, níbi tó ti ń kan àjà ẹnu lápá ẹ̀yìn. Ẹ máa kíyè sí bí ìró náà ṣe ń rìn láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Nínú fídíò àwọn tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, "pa-ta-ka" lẹ máa rí. Ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀. "P" tiwọn, ètè nìkan ló ń gbé e jáde, nítorí náà pa-ta-ka wọn ń rìn láti iwájú lọ sẹ́yìn. "P" tiwa ń lo ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Yorùbá bá fi ẹnu Yorùbá sọ "pa-ta-ka", iwájú àti ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ibi tí ètè ti dá ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo ba-da-ga.

## "Gb": ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n lẹ́ẹ̀kan náà

A fi lẹ́tà méjì kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìró kan ni. Kì í ṣe "g" tí "b" tẹ̀ lé. Ẹ̀yìn ahọ́n á dí ọ̀nà lẹ́yìn, ètè á dí ọ̀nà níwájú, àwọn méjèèjì á sì ṣí pọ̀. Bí ẹ̀yìn bá yára ṣí ju ètè lọ, "b" ni etí máa gbọ́. Bí ètè bá yára ṣí, "g" ni.

1. Ẹ sọ "aga" nígbà mẹ́ta, kí ẹ mọ ibi tí ẹ̀yìn ahọ́n ti ń kan òkè.
2. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ "aga", ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ dúró sórí "g", ẹ má ì tíì tú u sílẹ̀.
3. Bí ẹ̀yìn ahọ́n ṣe wà lókè yẹn, ẹ pa ètè dé. Ẹ wò ó nínú dígí.
4. Ẹ ṣí méjèèjì pa pọ̀ sórí "a". "Agba" ló máa jáde.
5. Ẹ ṣe é nígbà 10, kí ẹ wá máa gé ìdúró náà kúrú díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní sí ìdúró mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹnu tó lè gbé gbólóhùn. Èyí ni mo hun fún un, àgbẹ̀ Ìgbógbó ni mo fi ṣe é:

> Àgbẹ̀ Ìgbógbó gbé igbá àgbàdo wọ agbo àgbà.

Ìgbà mẹ́jọ ni "gb" jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n máa pàdé léraléra láìrẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹnu láti yà kúrò lórí "gb" bọ́ sórí "b". Èkejì ló ń ṣe ìyẹn:

> Abo kì í ṣe àgbò, àgbò kì í mu àgbo, ẹni tó ń mu àgbo ló wà nínú agbo.

Ẹ wo bó ṣe rí. Láti "abo" dé "àgbò", ẹ̀yìn ahọ́n ló kún ètè lọ́wọ́. Láti "àgbò" dé "àgbo" dé "agbo", ẹnu kò yí padà rárá, ohùn ló yí. Ohùn kò sì sí lẹ́nu, inú gògóńgò ni tán-án-ná ti ń le tí ó sì ń dẹ̀. Bí gbólóhùn yìí bá dàrú mọ́ yín lẹ́nu, ẹ wo ibi tó ti dàrú kí ẹ tó ṣàtúnṣe. Bí ó bá jẹ́ láàárín "abo" àti "àgbò", ẹ padà sórí "aga". Bí ó bá jẹ́ láàárín àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ pa ẹnu dé kí ẹ fi imú kùn orin gbólóhùn náà, bí ìgbà tí onídùndún bá fi ìlù sọ ọ́, títí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ yóò fi yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ sí i.

## "P": ẹ fi tíṣù dán an wò

Bí "gb" náà ni "p" ṣe rí, àfi pé tán-án-ná kì í gbọ̀n nígbà tí ọ̀nà bá dí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí "aka" bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí "aga": ẹ dúró sórí "k", ẹ pa ètè, ẹ ṣí méjèèjì pọ̀, "apa" á jáde.

Ẹ gbé tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn síwájú ètè, kí ẹ sọ "pọ̀, pè, pa". Kò yẹ kó fò. Bí ó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, "p" Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń sọ. Àwọn tó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń bá pàdé jù, máìkì sì máa ń sọ ọ́ di "pọ̀ù" nínú ẹ̀rọ.

> Apẹja Ìpakodò pa ẹja púpọ̀, ó kó o sí apẹ̀rẹ̀, ó ké pè wá pé ká pín in.

Ibi tó nípọn níbẹ̀ ni "ó ké pè". Ẹ̀yìn ahọ́n dá ṣiṣẹ́ ní "ké", ètè wá bá a ní "pè". Bí ẹ bá gbọ́ "ó ké kè", ètè ti rẹ̀ yín.

## Iwájú ahọ́n: "s" àti "ṣ", "r" àti "l"

Fún "s", iwájú ahọ́n wà nítòsí èrìgì òkè, atẹ́gùn ń gba ojú ọ̀nà tóóró jáde. Fún "ṣ", ahọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, ètè sì máa ń ká wá síwájú. Ẹ wo dígí: bí ètè bá rí bákan náà fún méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ahọ́n náà má tíì kúrò níbi tó wà.

> Aṣọ tí mo sá sóòrùn ló ṣá; aṣọ tí n ò sá, kò ṣá.

> Ó ṣẹ́jú, ó sẹ́. Ó sẹ́ pé òun ò ṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Bí ilé yín bá jẹ́ Ìbàdàn tí "s" sì jẹ́ ti gbogbo yín nílé, àléébù kọ́ nìyẹn, ẹ̀ka èdè ni. Ẹ kọ́ "ṣ" fún ibi tí ẹ ti fẹ́ sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti ilé yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ti "r" àti "l", ṣóńṣó ahọ́n ni méjèèjì ń lò. Ní "l", ṣóńṣó ahọ́n dúró lókè, atẹ́gùn sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ní "r", kò dúró, ó kàn kọjá fẹ́rẹ́.

> Ará ìlú ra ilá, ará oko ra ìlù, ará ilé ò rí nǹkan rà.

Bí "r" bá ń di "l" lẹ́nu yín, ahọ́n ń pẹ́ jù lókè nìyẹn.

## Bí a ṣe ń gun gbólóhùn

Ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré, àṣìṣe ló ń fi kọ́ra. Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Ẹ fi ẹnu ṣe gbólóhùn náà láìgbé ohùn jáde rárá, nígbà mẹ́ta. Ẹ má sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ o, nítorí wúyẹ́wúyẹ́ ń gbẹ ọ̀fun àwọn kan. Ẹnu nìkan ni kó mì.
2. Ẹ fi ohùn sọ ọ́ ní ìdajì bí ẹ ṣe máa ń yára, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró.
3. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí.
4. Bí ẹ bá ṣi í sọ, ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ méjì tó wà níbi tó ti já, kí ẹ sọ àwọn méjì yẹn nígbà márùn-ún.
5. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ gan-an lọ́jọ́ náà.

## Ẹnìkan tí mo bá ṣe é

Ọmọbìnrin kan wá kọ́ iṣẹ́ alága. Bí ó bá rọra sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ já gaara. Bí ètò bá ti gbóná, "ẹ gbà á" á di "ẹ bà á", "gbogbo ẹbí" á di "bobo ẹbí". Àwọn kan ti ní kó máa sọ ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ ahọ́n pọ̀ ní kíákíá. Ó ti ń ṣe é fún oṣù kan, àṣìṣe náà sì ń le sí i.

Mo kọ ọ̀rọ̀ 10 tó ní "gb" fún un, ó kà wọ́n bó ṣe ń yára lóde. Àbúrò rẹ̀ ló kọ ohun tó gbọ́: 6 tọ̀nà, "b" ló kọ síbi 4 yòókù. Kò sí "g" kankan níbẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ètè rẹ̀ dára, ẹ̀yìn ahọ́n ló ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo wá fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó le bí òkúta. Eyín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ahọ́n kò ní àyè.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, a kò sọ gbólóhùn kankan. A ra àgbọ̀n, a ṣe "aga" àti ìdúró sórí "g", ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, ìṣẹ́jú 5 lálẹ́. Ọjọ́ kẹrin, "agba" wọlé. Ọjọ́ kẹfà, àgbẹ̀ Ìgbógbó, láìgbé ohùn jáde. Ọjọ́ kẹsàn-án, a sọ ọ́ bó ṣe ń yára lóde, a sì fi "abo kì í ṣe àgbò" kún un. Lọ́jọ́ kejìlá, àbúrò rẹ̀ tún kọ ọ̀rọ̀ 10: 9 tọ̀nà. "Gbogbo" ló kù. Ó máa ń pẹ́ jù lóòótọ́, nítorí "gb" kejì máa ń dé kí ẹ̀yìn ahọ́n tó sinmi tán lórí ti àkọ́kọ́. A gé e sí "gbo", a dúró, a tún sọ "gbo", a wá ń fa ìdúró náà kúrú. Ó gba ọ̀sẹ̀ kan sí i.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Bíìrò láàárín eyín. Àwọn kan ń ní kẹ́ ẹ fi eyín di bíìrò mú kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Èmi kì í lò ó. Ó ń mú àgbọ̀n le, kò sì jẹ́ kí ètè pàdé dáadáa. "B", "m", "gb" àti "p" ló sì nílò kí ètè pàdé. Bí ìdérí bíìrò bá wá já wọ ọ̀fun ńkọ́?

Ariwo. Ìdárayá yìí kò nílò ohùn ńlá. Bí ọ̀fun bá ń ro yín lẹ́yìn rẹ̀, ohùn yín ló ń pọ̀ jù.

Kí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn di ọ̀kan. Bí ènìyàn bá ń sáré, òkè àti ìsàlẹ̀ máa ń sún mọ́ra, "iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́" á wá di ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú fóònù, ẹ dín eré kù.

Bíbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìnáwó. Ìdárayá àárọ̀ ọjọ́ kan ń jí ẹnu ni, kò lè tún àléébù ọdún pípẹ́ ṣe.

## Ẹ dúró, kí ẹ lọ rí dókítà

- Bí àgbọ̀n bá ń dún kẹ̀kẹ̀ tó sì ń dùn yín, tàbí tó ń há
- Bí ohùn bá há fún ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kẹ́ ẹ lọ bá
- Bí ọ̀rọ̀ bá ṣàdédé wọ́lẹ̀ lẹ́nu, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ojú kan bá sọ̀. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la

Akólòlò ńkọ́? Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í wo ìkólòlò. Kì í ṣe pé ahọ́n rẹ̀ kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ má fi agídí mú ọmọ tó ń kólòlò láti máa sọ wọ́n níwájú èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ: "s" àti "f" rẹ̀ á yàtọ̀, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ni ìyẹn ń lọ.

## Bí kò bá sí àyè

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ láti Sábọ̀ tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ẹ wọ ìbòmú, kí ẹ fi ẹnu ṣe gbólóhùn láìgbé ohùn jáde. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 3 péré lẹ ní, ẹ ra àgbọ̀n, ẹ ṣe ba-da-ga, kí ẹ sọ gbólóhùn tó jẹ́ ti àléébù yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀.

## Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gba máìkì

- Eyín òkè àti ìsàlẹ̀ kò kanra
- Ahọ́n sinmi nílẹ̀ ẹnu, kò lẹ̀ mọ́ òkè
- Ẹ ti sọ gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ yín lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán
- Kò sí obì tàbí ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu
- Máìkì jìnnà sí ètè tó ìka mẹ́rin, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí atẹ́gùn "b" àti "f" má baà fẹ́ lù ú